Kí ni kí n kọ sábẹ́ fọ́tò àdìrẹ mi?

“Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ìsọ̀kùn ní Iléṣà ni mò ń gbé, àdìrẹ oníko ni mò ń ṣe. Mo ya fọ́tò aṣọ mẹ́ta tí mo sá sórí okùn, mo fẹ́ gbé e sórí WhatsApp àti Instagram. Ohun tí mo kọ sábẹ́ rẹ̀ rèé: ‘Àdìrẹ ẹ̀lú gidi tó jojú ní gbèsè! Ẹ tètè wá rà á o, ó ti ń tán lọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rà á! Iye owó, ẹ wá bá mi ní ìnbọ́ọ̀kìsì.’ Ẹ̀gbọ́n mi ní ńṣe ni mò ń pariwo bí òṣómàáló. Ṣùgbọ́n bí n kò bá pariwo, ta ni yóò mọ̀ pé mò ń tajà? Kí ni kí n kọ?”

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba òṣómàáló sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ, torí ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni yín, kò sì yẹ kí ẹ bu bàbá yín kù. Àwọn alájàpá aṣọ tó ń ti Iléṣà lọ káàkiri ìlú nígbà náà, tí wọ́n ń di aṣọ lẹ́rù láti abúlé dé abúlé, àwìn ni wọ́n ń tà. Ẹni tó bá wu á mú aṣọ, á máa san án díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí oṣù bá yí, tí olówó ò rówó, tí onígbèsè ń sọ pé “ẹ padà wá lọ́la,” ìgbà yẹn ni bàbá á lọ́ṣòó sẹ́nu ọ̀nà: “Òṣóó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi.” Gbèsè ló mú un lọ́ṣòó. Nígbà tó ń tajà, kò lọ́ṣòó. Ńṣe ló ń tú ẹrù sílẹ̀, tí ó ń jẹ́ kí ìyá tó jókòó síbẹ̀ fọwọ́ ra aṣọ náà wò, tí ó ń sọ ibi tó ti wá àti bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́. Ohun tó ń dun ẹ̀gbọ́n rẹ nínú ọ̀rọ̀ tí o kọ ni pé o ti lọ́ṣòó kí o tó tú ẹrù. Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbólóhùn mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló sọ nǹkan kan nípa aṣọ, òun náà sì ní àléébù tí n óò padà sí. Mẹ́ta yòókù, ènìyàn lò ń pè, lò ń lé, lò ń bẹ̀.

Nípa ariwo tí o sọ, mi ò gbà pé ariwo ni kò dáa. Ìpolówó ni bàbá ọjà títà nílẹ̀ yìí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìrẹmọ níbí ní Ifẹ̀, bí àgbàdo bá ti dé, ìyá kan máa ń gba iwájú ilé wa kọjá ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú àgbàdo sísè lórí. “Láńgbé jinná o!” Ohun tí ó ń sọ nìyẹn. Kò sọ pé ẹ rà á, kò sọ pé ẹ tètè, kò sọ pé ó ti ń tán. Ó ní àgbàdo ti jinná. Ẹni tí ebi ń pa nínú ilé gbọ́, ó mọ̀ pé kò sí pé òun ń dúró de iná mọ́, ó jáde. Ọ̀rọ̀ kan péré yẹn ni oníbàárà nílò láti fi pinnu, ìyá sì fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Bí a bá yọ ohùn kúrò, ohun tí ìpolówó rere ń ṣe ni pé ó ń sọ ipò tí ọjà wà. Ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ìbéèrè tí n óò máa bi ara mi ni pé, nínú aṣọ mẹ́ta tó wà lórí okùn yìí, kí ni “jinná” tiwọn? Kí ni ẹni tó ń wo fọ́tò kò lè fi ojú rí, tí kò sì lè rà á láìmọ̀ ọ́n?

Mo pè ọ́ lórí fóònù nítorí èyí, o rántí, mo sì bi ọ́ ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá. O ní òṣùbàmbà ni gbogbo wọn, òṣùpá ńlá láàárín, kéékèèké yí i ká. O ní ìko ni o fi di í, kì í ṣe òwú ike, àti pé dídì ọ̀kan ń gbà ọ́ ní odindi ọjọ́ méjì. Aṣọ òwú funfun ni, ọ̀pá márùn-ún márùn-ún. O rì wọ́n sínú aró lẹ́ẹ̀mẹ́rin. O ń ta ọ̀kan ní náírà 18,000. O ní òmíràn ń gbà ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì, ìdajì owó ni àsansílẹ̀, ọjọ́ Sátidé ni o sì máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ. Mo wá bi ọ́ pé ewé ẹ̀lú wo ni o gún. O dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni o rẹ́rìn-ín, o ní aró oníyẹ̀fun ti ọjà ni, pẹ̀lú kọ́sítíìkì sódà, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló ń kọ “ẹ̀lú gidi.”

Wàá yọ “ẹ̀lú gidi” kúrò lónìí. N kò sọ èyí láti fi ọ́ ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀. Aró oníyẹ̀fun kì í ṣe àbùkù, èmi náà ń lò ó fún ìdajì iṣẹ́ mi. Ẹ̀lú tòótọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu: ewé ni wọ́n ń gún tí wọ́n ń ṣù róbótó, tí wọ́n ń sá gbẹ, omi eérú tí wọ́n sẹ́ ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí, ìkòkò á sì jókòó fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan dáadáa, òórùn rẹ̀ á sì máa kí ọ láti ẹ̀yìn ilé. Ẹni tó bá ti gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláró rí á mọ̀, irú wọn sì pọ̀ láàárín àwọn tó ń ra àdìrẹ ní Ifẹ̀ àti ní Òṣogbo. Àárín ọdún 1930 sí 1940, ìjà gidi ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta lórí kọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó, tó fi di pé Aláké fòfin dè é, nítorí àwọn oníbàárà ń kérora pé aṣọ kò dà bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni láti ìgbà yẹn. Bí o bá kọ “ẹ̀lú gidi,” ẹni tó mọ̀ kò ní bá ọ jà, kò kàn ní dá ọ lóhùn ni, kò sì ní gba “ìko ni mo fi di í” tó jẹ́ òtítọ́ rẹ gbọ́ mọ́. Òtítọ́ tí o ní pọ̀ ju irọ́ tí o yá lọ. Ọjọ́ méjì lórí dídì nìkan, o kò kọ ìyẹn, ẹ̀lú tí o kò ní ni o kọ.

Ó yẹ kí n fi ohun kan hàn ọ́ lórí ìko yìí, torí pé ibẹ̀ ni ọkàn ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò rẹ wà. Lóde òní, aṣọ tí wọ́n tẹ̀ ní ẹ̀rọ ní ìlú òkèèrè, tí wọ́n ya òṣùbàmbà sí lára, wà ní gbogbo ọjà. Ní ojú fóònù, a kò mọ èyí yàtọ̀ sí tìrẹ. Lọ́wọ́, a mọ̀ ọ́n. Ibi tí ìko ti dì í, aṣọ máa ń ní ìhunjọ wẹ́wẹ́ tí irin ìlọṣọ kò tètè ń tẹ́ tán. Etí òṣùpá kì í gún régérégé, aró máa ń yọ́ wọlé díẹ̀ níbi tí ìdì ti rọ̀. Bí o bá yí aṣọ padà, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí iwájú, nígbà tí ti ẹ̀rọ sábà máa ń ṣá lẹ́yìn. Nǹkan mẹ́ta yìí ni ẹ̀rí rẹ, fọ́tò tí o yà láti òkèèrè kò sì gbé ọ̀kan jáde nínú wọn. Sún mọ́ aṣọ kan, ya ibi tí òṣùpá kan ti hun jọ, kí o sì kọ gbólóhùn kan nípa rẹ̀. Gbólóhùn yẹn nìkan yóò ṣe iṣẹ́ tí “gidi” mẹ́wàá kò lè ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ “ẹ bá mi rà á” náà. Nínú ọjà Atákúnmọ́sà, bí ìyá kan bá sọ ọ́ fún ẹni tó ń kọjá, ó dùn létí, torí pé ojú ń rójú, ẹni náà lè rẹ́rìn-ín kí ó sọ pé “mò ń bọ̀, ìyá,” kó máa lọ, kò sì sí ẹni tó jẹ ẹnì kan ní nǹkan kan. Lórí fóònù, kò sí “mò ń bọ̀, ìyá.” Ẹni tó rí i ní láti dákẹ́, dídákẹ́ yẹn sì dà bí ìgbà tí ó kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta, kò ní ṣí Status rẹ mọ́ rárá, kì í ṣe nítorí pé kò fẹ́ àdìrẹ, nítorí pé ojú ń tì í ni. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ èyí fún mi láti ẹnu ara rẹ̀, lórí fọ́tò tèmi. Ó ní, “Gbogbo ìgbà tí o bá ti ní ká bá ọ rà á, ńṣe ló ń ṣe mí bí ẹni tó jẹ ọ́ lówó.” Mi ò bẹ̀bẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

“Ó ti ń tán lọ” wá yàtọ̀. Iye tó kù jẹ́ ohun tí oníbàárà nílò, o kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Ìyàtọ̀ wà láàárín “mẹ́ta ló wà nílẹ̀” àti “ó ti ń tán lọ o!” Èkíní jẹ́ iye, oníbàárà ló máa fúnra rẹ̀ mọ bóyá ó pọ̀ tàbí ó kéré. Èkejì jẹ́ ẹ̀rù tí o fẹ́ kó sí i lára. Iye kì í pariwo, ó sì ń ṣiṣẹ́ ju ẹ̀rù lọ, pàápàá fún ẹni tó ti rí i pé “ó ti ń tán lọ” ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣì wà lórí okùn kan náà.

Ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n máa ń bá mi jà lé lórí jù, n óò sì sọ gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ọ. Àwọn tó ń fi iye owó pamọ́ ní ìdí. Wọ́n ní bí ẹlòmíràn tó ń ta àdìrẹ bá rí i, á tà ní ìdínkù. Wọ́n ní bí oníbàárà bá wá béèrè, ẹnu á lè wọ ẹnu. Wọ́n ní nílé wa, ọjà tí a kò ná kì í ṣe ọjà. Òtítọ́ wà nínú gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ohun tí “ẹ wá bá mi ní ìnbọ́ọ̀kìsì” ń ṣe sí ẹni tó ní náírà 15,000 lọ́wọ́. Kò mọ̀ bóyá aṣọ rẹ jẹ́ 10,000 tàbí 60,000. Bí ó bá béèrè, tí owó náà sì ju agbára rẹ̀ lọ, ojú á tì í lọ́dọ̀ rẹ, nítorí náà kò ní béèrè. Àwọn tó máa béèrè ni àwọn tí ojú kì í tì, àwọn náà ló sì máa ná ọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. O ti fọwọ́ ara rẹ yan àwọn oníbàárà tó le jù, o sì ti lé àwọn tó rọrùn lọ. Fún aṣọ tó ti wà nílẹ̀, tí o mọ iye rẹ̀, kọ ọ́. Fún iṣẹ́ àkànṣe tí o kò tíì mọ bí yóò ṣe tóbi tó, kọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀: “láti náírà 18,000.” Má kọ “kò ṣeé ná.” Gbólóhùn yẹn le bí ilẹ̀kùn tí a tì mọ́ni lójú, kò sì sí Yorùbá tí kò ní ná ọ síbẹ̀. Kọ iye, kí o dákẹ́, bí ẹnì kan bá wá ná, kí o dá a lóhùn níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín bí o ṣe máa ń ṣe lójà. Èmi mọ̀ pé àwọn kan máa rí iye náà tí wọ́n á lọ láì sọ nǹkan kan. Ìyẹn máa dùn ọ́ ní oṣù àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó bá wá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ti gba iye yẹn mọ́ra kí wọ́n tó tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í kọ, tí èmi náà kò kọ rí, tó sì ná mi ní owó gidi. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ báyìí. Mo gbé fọ́tò àdìrẹ kan jáde, mo sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé “bí ẹ ṣe rí i yìí gan-an ni yóò ṣe rí.” Ẹnì kan tí mi ò rí rí ránṣẹ́ pé òun fẹ́ ogún fún aṣọ ẹbí. Inú mi dùn débi pé mi ò sùn. Mo pa méjìlá láró lọ́jọ́ Tuesday. Ilẹ̀ ṣú, mo fi mẹ́jọ yòókù di ọjọ́ kejì, nínú ìkòkò kan náà. Aṣọ tó bá kọ́kọ́ wọ ìkòkò ló ń mu aró jù, agbára aró a sì máa dín kù bí aṣọ ṣe ń wọ inú rẹ̀ lọ. Ìgbà tí mo sá gbogbo wọn pọ̀, mẹ́jọ náà dà bí ọmọ ìyàwó nínú ilé olórogún. Mo tún wọn rì, ìdì ti tú, aró wọ inú òṣùpá, funfun di búlúù. Oníbàárà náà fi fọ́tò tèmi àti ọ̀rọ̀ tèmi hàn mí: “gan-an” ni mo kọ. Kò sí ohun tí mo lè sọ. Mo san owó àwọn mẹ́jọ padà, mo sì fi wọ́n rán aṣọ àwọn ọmọ àdúgbò.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò mi báyìí ní gbólóhùn kúkúrú méjì. Èkíní ni pé aṣọ ọwọ́ kì í jọra délẹ̀délẹ̀. Èkejì ni pé ẹni tó bá fẹ́ púpọ̀ kí ó sọ ọ́ ṣáájú, kí a lè pa gbogbo rẹ̀ láró pọ̀ lọ́jọ́ kan. O rò pé gbólóhùn bẹ́ẹ̀ á lé oníbàárà, àbí? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo wá rí i pé ẹni tó ń wá aṣọ ẹbí, ìgbà tó bá kà á ló máa ń gbà pé ẹni tó mọṣẹ́ lòun ń bá sọ̀rọ̀. Bákan náà ni àwọ̀. Kámẹ́rà fóònù máa ń mú kí aró dà bí èyí tó ti ṣá bí oòrùn bá wà lórí rẹ̀, nítorí náà ya á lábẹ́ ìbòòji ní òwúrọ̀, kí o sì fi nǹkan tí oníbàárà mọ̀ ṣe àfiwé àwọ̀ náà. Èmi máa ń kọ pé “ó ṣú, ó sún mọ́ àwọ̀ ẹtù,” torí pé ẹni tó bá ti rí aṣọ òkè ẹtù rí mọ bí ó ṣe ń dúdú. “Búlúù tó rẹwà” kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ó ku ọ̀rọ̀ bí a ó ṣe tò ó. Instagram kì í fi gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ hàn, nǹkan bí lẹ́tà 125 àkọ́kọ́ ló ń jáde, ìyókù wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n kọ “more” sí. Nítorí náà, ohun tí ìlà àkọ́kọ́ rẹ bá sọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò rí mọ. Bí o bá fi kíkí bẹ̀rẹ̀, “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣé dáadáa lẹ wà, ẹ kú ojú ọjọ́,” aṣọ ò tíì wọlé kí ilẹ̀kùn tó tì. Mo mọ̀ pé ó ń ṣe ọ́ bíi pé kò dáa kí ọmọ Yorùbá máa sọ̀rọ̀ láìkí ènìyàn. Lórí WhatsApp, àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́ ló ń wo Status rẹ, wákàtí mẹ́rìnlélógún ló sì máa lò kó tó pòórá, kí wọn ní ọ̀rọ̀ méjì: “Ẹ káàárọ̀ o.” Lórí Instagram, gbé kíkí lọ sí ìsàlẹ̀. Fi àmì sí ọ̀rọ̀ rẹ pẹ̀lú, ó kéré tán níbi tó bá ti lè daru. Mo rí ẹnì kan tó kọ “aso aro” láìsí àmì kankan, ẹnì kan sì béèrè lábẹ́ rẹ̀ bóyá àwọn arọ ni wọ́n ń rán aṣọ fún. Ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n yẹ̀yẹ́ yẹn ni gbogbo ènìyàn rántí, wọn kò rántí aṣọ.

Bí èmi ṣe máa kọ tìrẹ rèé, pẹ̀lú ohun tí o sọ fún mi lórí fóònù nìkan: “Òṣùbàmbà, ọ̀pá márùn-ún. Ìko ni mo fi di òṣùpá kọ̀ọ̀kan, dídì nìkan gbà mí ní ọjọ́ méjì. Ẹ wo ibi tó hun jọ yẹn, ìko ló ṣe é, irin kò tíì rí i tẹ́. Aṣọ òwú ni, mo rì í sínú aró lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó ṣú, ó sún mọ́ àwọ̀ ẹtù. Mẹ́ta ló wà nílẹ̀, wọn kò jọra délẹ̀délẹ̀. Náírà 18,000 ni ọ̀kan. Omi àkọ́fọ̀ rẹ̀ máa dúdú, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí n di òmíràn fún yín, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ń gbà, ìdajì owó ni àsansílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án kó tó pinnu, mo máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìsọ̀kùn lọ́jọ́ Sátidé.”

Wo ìlà tó kẹ́yìn yẹn dáadáa, torí òun ni ìpè tí o ń wá. Kò sí “ẹ wá” nínú rẹ̀, kò sí “ẹ kàn sí mi.” Ó sọ ibi tí o máa wà àti ọjọ́ tí o máa wà níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Èkó tí kò lè dé Iléṣà á rí i pé o jẹ́ ènìyàn tó ní ibùdó, á sì béèrè bí o ṣe ń fi ẹrù ránṣẹ́ láti gáréèjì. Ẹni tó wà nítòsí á wá. Ọ̀rọ̀ “bí ẹ bá fẹ́” àti “ẹni tó bá fẹ́” ni Yorùbá fi ń ṣílẹ̀kùn láì fa ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ló yẹ kí wọ́n jáde fún ohun kọ̀ọ̀kan. Ìwọ yóò rí i pé gbólóhùn omi àkọ́fọ̀ dà bí ohun tó ń ba ọjà jẹ́. Jẹ́ kó wà. Ẹni tó bá mọ̀ ṣáájú pé aró á yọ́ nígbà àkọ́kọ́ kì í bínú, ẹni tó bá bá a nínú báàfù pẹ̀lú búláòsì funfun rẹ̀ ló ń pariwo, orí fọ́tò rẹ ló sì máa wá pariwo rẹ̀ sí.

Ibi tí agbára ọ̀rọ̀ yìí mọ nìyí o. Kò lè mú ẹni tí kò rí fọ́tò rẹ wá. Bí ènìyàn ogójì péré bá ń wo Status rẹ, tí mẹ́wàá nínú wọn jẹ́ mọ̀lẹ́bí tó ti ní àdìrẹ rẹ nílé, o lè kọ ọ́ bí akéwì kí ẹnikẹ́ni má rà. Kò sì lè tún fọ́tò tí kò dáa ṣe. Èyí tí o fi ránṣẹ́ sí mi, báàkẹ́ẹ̀tì àti sílípáàsì wà lẹ́yìn aṣọ, ọ̀kan nínú wọn sì ká jọ níbi etí. Tún un yà. Mi ò sì lè ṣèlérí pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa lọ lọ́sẹ̀ kan. Tèmi, bí ọwọ́ bá dẹ̀, ó máa ń tó oṣù kan kí aṣọ kan tó rí olówó rẹ̀, bí oṣù ìgbéyàwó bá dé, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà ló máa ń lọ. Ẹni tó bá sọ pé ọ̀rọ̀ kan wà tó ń ta gbogbo ọjà, òun gan-an ló ń ta nǹkan fún ọ.

Bí ọ̀kan bá wá lọ, má yọ fọ́tò kúrò, má sì kọ “ó ti tán, ẹ̀yin lẹ pẹ́.” Padà sí abẹ́ rẹ̀ lórí Instagram, o lè tún un kọ láìgbé fọ́tò tuntun jáde. Yí “mẹ́ta” padà sí “méjì.” Bí gbogbo wọn bá lọ, kọ sí òkè pé “Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti rílé. Mò ń di òmíràn lọ́wọ́,” kí o sì fi ọjọ́ tí wọ́n máa jáde kún un, bí o bá mọ̀ ọ́n. Bí o kò bá tíì mọ̀ ọ́n, fi ọjọ́ sílẹ̀ títí ìko yóò fi tán lára èyí tó kẹ́yìn.